Géèjì 14, ẹnu dáì, àti etí páànù tó kúrú jù

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan bí àpẹẹrẹ. Oníbàárà fi àwòrán kan ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà: ìbòrí àpótí iná mànàmáná, gígùn rẹ̀ mítà 1.2, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tó gùn ni a ó tẹ̀ wálẹ̀ ní igun 90 dígírì. Wọ́n kọ `14 GA GALV` sí ìsàlẹ̀ ìwé, wọ́n sì ní kí etí tí a bá tẹ̀ náà ga ní íǹṣì 3/8, ìyẹn mìlímítà 9.5, tí a bá wọ̀n ọ́n láti ìta. Nǹkan méjì ni ẹni tó bá gba iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó gé páànù. Àkọ́kọ́, báwo ni páànù náà ṣe nípọn tó gan-an? Èkejì, ṣé etí tó kúrú báyẹn lè dúró lórí dáì, irin oníkòtò tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ páànù, títí iṣẹ́ á fi parí? Èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi ara wọn, àfi ìgbà tí páànù bá já sínú dáì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ irú irin tí géèjì náà ń sọ

Géèjì kì í ṣe ìwọ̀n. Orúkọ lásán ni, bí ìgbà tí a bá ní bàtà kan jẹ́ nọ́ńbà 42. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni páànù ń nípọn sí i: géèjì 10 nípọn ju géèjì 20 lọ dáadáa. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé nọ́ńbà kan náà kì í jẹ́ ìnípọn kan náà lára irin dúdú, irin tí a fi síńkì bò, sítéńlẹ́ẹ̀sì àti alumíníọ̀mù.

Ó ní ìdí. Ní ọdún 1893, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin tó gbé géèjì irin ka orí ìwúwo. Géèjì 16, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ páànù tí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó rẹ̀ wúwo tó pọ́ùn 2.5. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò ìnípọn irin dúdú tí a ń lò lónìí. Irin tí a fi síńkì bò gba nọ́ńbà irin dúdú, wọ́n wá fi nǹkan bíi mìlímítà 0.09 kún un nítorí síńkì ara rẹ̀. Alumíníọ̀mù ní tirẹ̀ gba nọ́ńbà àwọn tó ń fa wáyà, kò sì bá irin tan rárá.

Àwọn tí a sábà máa ń bá pàdé nìyí, gbogbo rẹ̀ ní mìlímítà:

| Géèjì | Irin dúdú | Irin oní-síńkì | Sítéńlẹ́ẹ̀sì | Alumíníọ̀mù |
|---|---|---|---|---|
| 10 | 3.42 | 3.51 | 3.57 | 2.59 |
| 12 | 2.66 | 2.75 | 2.78 | 2.05 |
| 14 | 1.90 | 1.99 | 1.98 | 1.63 |
| 16 | 1.52 | 1.61 | 1.59 | 1.29 |
| 18 | 1.21 | 1.31 | 1.27 | 1.02 |
| 20 | 0.91 | 1.01 | 0.95 | 0.81 |

Ẹ wo ìlà géèjì 10. Láti irin dúdú dé alumíníọ̀mù, ìyàtọ̀ ibẹ̀ lé ní mìlímítà 0.8. Ẹni tó bá yan dáì fún irin, tó wá gbé alumíníọ̀mù sórí rẹ̀ nítorí pé nọ́ńbà wọn dọ́gba, á rí i pé igun inú iṣẹ́ náà á ṣí ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, nǹkan mìíràn tún wà tó máa ń dapọ̀ mọ́ ọn. Ìwé ẹ̀kọ́ tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ní géèjì tirẹ̀, èyí tí òfin ibẹ̀ fọwọ́ sí ní 1884. Ní ti ìyẹn, nọ́ńbà 14 jẹ́ mìlímítà 2.03, nọ́ńbà 16 sì jẹ́ 1.63. Tí àwòrán bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ má fi ti Gẹ̀ẹ́sì kà á. Tí kò bá sì sí ohun tó fi hàn ibi tí àwòrán ti wá, ẹ bi oníbàárà pé mìlímítà mélòó ló fẹ́, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sórí àwòrán náà.

Iṣẹ́ tiwa ní `GALV` lára, nítorí náà irin oní-síńkì ni: mìlímítà 1.99. Páànù 2.0 tí wọ́n ń tà lọ́jà á ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kejì: wọn páànù tó wà lọ́wọ́ rẹ

Ohun tí ẹni tó tà á pè é kò tó. Ẹ lo maikiromítà tàbí kálípà tó dára, ẹ má sì wọ̀n ọ́n ní etí tí a fi ẹ̀rọ gé. Ibẹ̀ máa ń ní ìdọ̀tí irin tó ṣù jọ, tó ń mú kó dà bíi pé ó nípọn sí i. Ẹ wọlé bíi mìlímítà 10 sí 15, ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ sì gba èyí tó tóbi jù lára wọn fún yíyan dáì.

Tí ẹ bá wà lọ́jà, bíi Owódé Onírin, tí kálípà kò sí lọ́wọ́, òṣùwọ̀n ìwúwo lè gbà yín. Páànù irin tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú àti 8 lóròó ń wúwo tó kílò 23.4 fún mìlímítà kan ìnípọn. Odidi páànù 2.0 yẹ kó wúwo tó bíi kílò 47. Tí wọ́n bá gbé e sórí òṣùwọ̀n tó sì jẹ́ kílò 40, ẹ pín 40 sí 23.4: 1.7 ló jáde. Páànù 1.7 ni wọ́n fẹ́ tà fún yín lówó 2.0. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju kálípà lọ níbi ìdúnàádúrà, nítorí pé ó ń sọ ìnípọn gbogbo páànù lápapọ̀, kì í ṣe ti etí kan ṣoṣo tí ọwọ́ dé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: yan ẹnu dáì

Nínú ẹ̀rọ bẹ́ńdìn, dáì ni irin ìsàlẹ̀ tó ní kòtò onígun bíi lẹ́tà V, pọ́ńṣì sì ni abẹ òkè tó ń ti páànù wọ inú kòtò náà. Ẹnu dáì ni fífẹ̀ kòtò yẹn lókè, láti ètè kan dé ètè kejì. Nínú irú títẹ̀ tí mò ń sọ yìí, páànù kì í kan ìdí kòtò. Ètè méjèèjì àti imú pọ́ńṣì nìkan ló ń kàn.

Òfin tí gbogbo ilé iṣẹ́ mọ̀ fún irin lásán ni pé kí ẹnu dáì jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ ìnípọn páànù. Fún páànù 2.0, ìyẹn jẹ́ 16. A lè sọ̀ kalẹ̀ dé ìlọ́po mẹ́fà tí iṣẹ́ bá fipá mú wa. Tí páànù bá sì nípọn ju mìlímítà 10 lọ, ìlọ́po mẹ́wàá ló yẹ.

Ẹnu dáì náà ló ń pinnu bí igun inú iṣẹ́ á ṣe rọ́bótó tó, imú pọ́ńṣì kọ́, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Fún irin lásán, rédíọ́ọ̀sì inú máa ń tó nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 ẹnu dáì. Ẹnu 16 á fún wa ní bíi 2.6, ẹnu 12 á fún wa ní bíi 2. Ti sítéńlẹ́ẹ̀sì máa ń tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi ìdá 20 sí 22.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣírò etí tó kúrú jù tí dáì náà lè gbà

Ibí ni kókó iṣẹ́ wà, ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é. Páànù gbọ́dọ̀ gbára lé ètè méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí pọ́ńṣì tó sọ̀ kalẹ̀, páànù wà ní pẹrẹsẹ, ohun tó nílò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju ìdajì ẹnu dáì lọ. Ẹnu 16, ó nílò 8. Ṣùgbọ́n bí páànù ṣe ń tẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gòkè, tó sì ń dúró ní ìdagun. Ojú ọ̀nà láti igun ìta dé orí ètè dáì ń gùn sí i, nítorí pé ìdagun ló ń tọ̀ báyìí, kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ mọ́. Etí páànù kì í sì í gùn tó bẹ́ẹ̀ láti fi bá a dọ́gba. Ó ń yọ́ kúrò lórí ètè díẹ̀díẹ̀.

Tí a bá pe ẹnu dáì ní V, tí a pe igun tí a fẹ́ kó kù nínú iṣẹ́ ní A, etí tó kúrú jù, tí a wọ̀n láti ìta, ni F:

```
F = V / (2 * sin(A/2))
```

Fún igun 90, ìṣirò yìí á já sí V lọ́nà 0.707. Ibẹ̀ ni iye 0.7 tí wọ́n ń tẹ̀ sára àwọn àtẹ dáì ti wá. Ẹnu 8 ń béèrè etí 5.7; ẹnu 10 ń béèrè 7.1, ẹnu 12 ń béèrè 8.5, ẹnu 16 ń béèrè 11.3, ẹnu 20 ń béèrè 14.1, ẹnu 25 ń béèrè 17.7. Ẹ fi mìlímítà 1, ó kéré tán, kún èyíkéyìí nínú wọn, nítorí pé ètè dáì kì í ṣe ojú ọ̀bẹ. Ó rọ́bótó, ó sì máa ń fẹ̀ sí i bó bá ti gbó.

Ẹ ṣàkíyèsí A nínú ìṣirò náà. Igun tó bá ṣí sílẹ̀ ń dẹ̀ wá lọ́rùn: igun 120 ń béèrè V lọ́nà 0.58 péré. Igun tó bá há ń gba tiwa. Ní igun 60, odidi V ni. Ní igun 30, bí ìgbà tí a bá fẹ́ pa etí dé, ó ń lọ sí bíi V lọ́nà 1.93. Ẹni tó mọ 0.7 lórí, tó wá fẹ́ tẹ igun 30 pẹ̀lú rẹ̀, kò ní jẹ́ kó yà á lẹ́nu tí páànù bá já.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbòrí wa. Ẹnu 16 ń béèrè 11.3, pẹ̀lú 1 tó di 12.3. Àwòrán sọ 9.5. Kò lè ṣeé ṣe. Kódà, kò tilẹ̀ ní débi pé a ó bẹ̀rẹ̀. Bí irin ṣe ń nà nígbà tó bá ń tẹ̀, etí 9.5 lára páànù 2.0 máa ń wá láti bíi 7.6 pẹrẹsẹ, láti ìlà títẹ̀ dé etí. Ìdajì ẹnu 16 sì jẹ́ 8. Páànù kò kan ètè rárá.

Etí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ló léwu ju èyí tí kò tó rárá lọ. Ká ní àwòrán sọ 10.5, kì í ṣe 9.5. Ní pẹrẹsẹ, 8.6 ni a ó ní láti ìlà títẹ̀ dé etí, ó fi 0.6 ju 8 lọ. Páànù á jókòó dáadáa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á tẹ ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà, pọ́ńṣì á sọ̀ kalẹ̀, gbogbo nǹkan á máa lọ geere. Nígbà tí igun bá fẹ́ẹ́ dé bíi 110, etí á yọ́ kúrò lórí ètè lójijì, á sì já sínú kòtò. Ẹ ó gbọ́ ọ: ó máa ń dún gbàù. Apá páànù tó wà lọ́wọ́ ẹni á ta gìrì, á kúrò nídìí ibi tí ó fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ fi ìka sáàárín páànù àti iwájú ẹ̀rọ, pàápàá nígbà tí etí bá sún mọ́ ààlà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tí a lè ṣe bí etí bá kúrú

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni dáì tí ẹnu rẹ̀ kéré sí i. Ẹnu 12 ń béèrè 8.5, pẹ̀lú 1 ó di 9.5. Ó bá àwòrán wa mu géérégé, kò sí àyè fún àṣìṣe. Ìlọ́po mẹ́fà ìnípọn ni 12 jẹ́, a sì ti ní ibẹ̀ ni ìsàlẹ̀ tí a lè dé. Ṣùgbọ́n agbára tó ń béèrè pọ̀ sí i. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí, níbi tí P jẹ́ kilonúútìnì fún mítà kan gígùn, R jẹ́ agbára fífà irin (450 fún irin lásán), t sì jẹ́ ìnípọn:

```
P = 1.42 * R * t * t / V
```

Lórí ẹnu 16, ó jẹ́ 160 fún mítà kan. Lórí ẹnu 12, ó jẹ́ 213. Gígùn iṣẹ́ wa jẹ́ mítà 1.2, nítorí náà a nílò 256, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù 26, dípò bíi 20. Ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù 40 á gbé e láìmí kanlẹ̀. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára dáì fúnra rẹ̀, nítorí pé dáì kékeré ní iye tí mítà kan rẹ̀ lè gbà. Ẹ̀rọ lè lágbára kí dáì máà lágbára, dáì ló sì máa là.

Ìyípadà dáì yìí tún kan ibi tí a ti gé páànù. Rédíọ́ọ̀sì inú ti kúrò ní 2.6 ó ti di 2, ohun tí a ń yọ nínú ìwọ̀n fún títẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì kúrò ní 3.8 ó di nǹkan bíi 3.5. Fún etí méjì, ìyàtọ̀ náà lé ní ìdajì mìlímítà. Ẹni tó bá gé páànù fún ẹnu 16, tó wá tẹ̀ ẹ́ lórí ẹnu 12, á rí i pé ìbòrí náà kéré díẹ̀. Ẹ yan dáì kí ẹ tó gé.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Tí ó bá lè gba íǹṣì 1/2, ìyẹn 12.7, ẹnu 16 á ṣe é, igun inú á dára, a ó sì lo agbára tó kéré. Èmi gan-an a máa kọ́kọ́ béèrè èyí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ya àwòrán fi 3/8 síbẹ̀ lásán, láìsí ohun tó gbé lé e lórí.

Ọ̀nà kẹta wà fún ìgbà tí oníbàárà bá kọ̀ tí dáì kékeré kò sì sí: ẹ tẹ etí tó ga ní 13, kí ẹ wá gé ohun tó lé kúrò. Ó ń jẹ àkókò, síńkì á sì ṣí kúrò lójú ibi tí a gé, ẹ ó ní láti kùn ún. Ẹnu 10 wà lóòótọ́, ó sì máa gba etí 9.5 dáadáa, ṣùgbọ́n ìlọ́po márùn-ún ni fún páànù 2.0. Ètè dáì á fi àmì jíjìn sára síńkì, igun ìta sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í là. N kò ní gbà á fún iṣẹ́ tó máa wà níta nínú òjò.

Ká ní alumíníọ̀mù ni iṣẹ́ yìí, géèjì 14 kan náà jẹ́ 1.63, ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ 13. Ẹnu 12 ni à bá lò láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: dán an wò, kí o sì ka ohun tí páànù ń sọ

Ẹ gé ègé kan bíi mìlímítà 100 lára páànù kan náà, ẹ sàmì sí ibi tí ìlà títẹ̀ á wà, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé 90, kí ẹ wá wo ohun mẹ́ta.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìta etí náà. Dáì á ti fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sára rẹ̀ níbi tí ètè ti ń fà á. Ìlà náà yẹ kó parí ṣáájú etí, kí irin tí ètè kò kàn ṣẹ́kù lókè rẹ̀, kódà bó ṣe díẹ̀. Tí ìlà náà bá lọ títí dé etí gan-an, tí etí náà sì ní ojú tí a tẹ̀ wọ inú bí ìgbà tí a bá fi òòlù kàn án, ó ti yọ́ tàbí ó fẹ́ yọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ gbé rúlà lé etí náà. Tó bá tọ́ gbọnrangandan, ó dára. Tó bá tẹ̀ síta lápá òkè bí ètè ìkòkò, àtìlẹ́yìn tán kí títẹ̀ tó tán.

Ẹ̀kẹta ni igun fúnra rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n ní òpin méjèèjì. Tí òpin kan bá jẹ́ 90 tí èkejì jẹ́ 94, ẹ má tíì bá ẹ̀rọ jà. Ẹ wo bóyá páànù kò wọ́, tí etí sì kúrú díẹ̀ lápá kan ju èkejì lọ. Nítorí pé a ń ṣiṣẹ́ lórí ààlà, ìdajì mìlímítà tí a gé wọ́ tó láti mú apá kan yọ́ kí apá kejì dúró.

Bí ihò bá wà nítòsí ìlà títẹ̀, òfin kan náà ló mú un. Ihò tó bá bọ́ sáàárín ètè méjèèjì á fà gígùn bí ẹyin, nítorí pé kò sí irin tó pé níbẹ̀ láti gbé agbára. Ẹ gbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn títẹ̀. Nínú ìbòrí wa, ihò ìdè mẹ́rin ló wà lára etí 9.5 náà, gbogbo wọn ló sì bọ́ sí àárín ètè. Ìbòrí á kọ́kọ́ tẹ̀, bíìtì á wá wọlé.